Kí ẹ tó sọ pé "kò sí ohun tó yí padà", ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Wọ́n fẹ́ da ẹ̀ka méjì pọ̀ níbi iṣẹ́ wa, èmi ni wọ́n sì ní kí n lọ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá máa yàtọ̀ fún àwọn kan, ṣíìfù náà máa yàtọ̀ fún àwọn mí-ìn. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tó fi máa yé kálukú, ohun tó yí padà àti èyí tó ṣì wà bó ṣe wà?"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe irú ìkéde yìí. Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́, ó sì ń dùn mí títí dòní nítorí àwọn tó fara gbá a. Èkejì lọ dáadáa. Kì í ṣe pé mo wá mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o, ohun tí mo ṣe kí n tó la ẹnu ló yàtọ̀.

Ti àkọ́kọ́ yẹn, àwọn tó ń gbé fóònù kọ́sítọ́mà la dà pọ̀ mọ́ àwọn tó ń jáde lọ tún ẹ̀rọ ṣe. Èèyàn 38 ni gbogbo wọn. Ohun tó fà á ni pé kọ́sítọ́mà á pè, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ á wá sùn sáàárín ẹ̀ka méjèèjì torí pé ọ̀gá méjì ló wà, kálukú sì ń wo ẹnì kejì. A wá pín wọn sí tíìmù mẹ́ta, tíìmù kọ̀ọ̀kan ní àwọn tó ń gbé fóònù àti àwọn tó ń tún nǹkan ṣe nínú, súpáfáísọ̀ kan sì ń darí wọn. Mo pe gbogbo wọn sí mítìnì, mo gbé àwòrán sórí ògiri, àpótí àpótí pẹ̀lú ìlà, mo ṣàlàyé ẹ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, mo wá ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ohun tó yí padà fún yín, ọ̀gá nìkan ló yàtọ̀." Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn nígbà tí mò ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwòrán yẹn ń ṣe. Kò sẹ́ni tó ń wo ìlà tàbí àpótí, orúkọ ara ẹ̀ ni kálukú ń wá. Obìnrin kan wà tó wà nílé nígbà yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, orúkọ ẹ̀ ò sì sí níbẹ̀ torí pé líìsì àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóṣù yẹn ni mo fi ya àwòrán náà. Ẹnì kan ya fọ́tò ẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù, kó tó di alẹ́ obìnrin yìí ti gbà pé wọ́n ti lé òun. Ó pè mí, ó ń sunkún, ọmọ náà ń ké lẹ́yìn ẹ̀. Mo ṣàlàyé títí, ṣùgbọ́n ohun tó ti wọ ọkàn ẹ̀ ti wọ̀ ọ́.

Èyí tó wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ pátápátá ni ọjọ́ owó oṣù. Àwọn tó ń jáde lóru láti lọ tún ẹ̀rọ ṣe ní owó kan tí wọ́n máa ń gbà lé owó oṣù, ọ̀gá wọn ló ń buwọ́ lù ú kó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń san owó. Ọ̀gá ti yí padà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lọ fún ọ̀gá tuntun láṣẹ láti buwọ́ lù ú lórí kọ̀ǹpútà. Owó èèyàn mẹ́rin ò wọlé. Lójú tiwa, àṣìṣe ọjọ́ márùn-ún ni, a sì san án. Lójú tiwọn, mo ti dúró níwájú wọn parọ́. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ohun tí mo bá ti pè ní "kò yí padà", àní èyí tó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, wọ́n á lọ bi ẹlòmíràn kí wọ́n tó gbà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé gbólóhùn yẹn, ìlérí ni, èèyàn sì gbọ́dọ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó ṣe é.

Nítorí náà nígbà kejì, mi ò ya àwòrán kankan ní ìbẹ̀rẹ̀. Líìsì àwọn tó ń gba owó oṣù ni mo gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń san án, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn wà, ẹni tó wà nílé ìwòsàn, ẹni tó lọ líìfù, ẹni tí wọ́n ṣì ń dán wò kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́ pátápátá. Mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan, mo wá kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sí òkè: ta lọ̀gá ẹ̀, kí niṣẹ́ ẹ̀ lójoojúmọ́, ṣíìfù ẹ̀, ibi tó ń jókòó, owó oṣù àti owó tó ń wá lẹ́yìn ẹ̀, ta ló ń buwọ́ lu líìfù ẹ̀, ta ló máa ṣe ìgbéléwọ̀n ẹ̀ lọ́dún yìí. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn, níwájú orúkọ kálukú, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo gbà láyè. "Bákan náà." "Ó yí padà", kí n wá kọ ohun tó yí padà sí àti ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀. Tàbí "a ò tíì pinnu", pẹ̀lú ọjọ́ tí a máa fi pinnu.

Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo gbé e lọ bá ẹni tó ń san owó oṣù, ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà, àti súpáfáísọ̀ kan tó mọ iṣẹ́ náà láti ìsàlẹ̀, mo ní kí wọ́n wá ibi tí mo ti kọ "bákan náà" tí kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí mẹ́sàn-án! Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ti líìfù: tí a bá ti yí orúkọ ọ̀gá padà lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo líìfù tí ọ̀gá àtijọ́ ò tíì buwọ́ lù á pa rẹ́. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ti sanwó ìrìn àjò tán. Ti ìgbéléwọ̀n náà wà níbẹ̀, torí àárín ọdún la wà, ọ̀gá tuntun ò sì mọ ohun tí ẹni náà ti ṣe láti oṣù kìíní. A ní kí ọ̀gá àtijọ́ kọ ohun tó rí sílẹ̀ kó tó fi ipò náà sílẹ̀, kí tuntun bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Ọjọ́ méjì ni gbogbo ẹ̀ gbà mí.

Ó wá ku bí a ṣe máa tò ó lọ́jọ́ náà. Àwọn súpáfáísọ̀ gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí pé àwọn ni wọ́n máa sáré lọ bi, kò sì dáa kí wọ́n máa wo òfuurufú. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, àwọn mẹ́fà tí nǹkan máa yí padà fún jù, mo bá kálukú wọn jókòó lọ́tọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20. Mo pe àwọn tó wà ní líìfù lórí fóònù. Aago 11 la ṣe mítìnì gbogbogbò, kó tó di ọ̀sán kálukú ti gba ìlà tiẹ̀ nínú ímeèlì, ìlà tiẹ̀ nìkan o, kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, mo padà wá bá wọn lálẹ́, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì, torí bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣe ń jáde lọ́dọ̀ yín ni fóònù àwọn yòókù á ti máa dún, àhesọ á sì ti ṣáájú yín débẹ̀.

Ní mítìnì, ìdí tí a fi ń ṣe é ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àpẹẹrẹ kan péré tí gbogbo wọn mọ̀. Lẹ́yìn náà ohun tó yí padà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ohun tí kò yí padà. Ẹ má dà á kọ, torí tí ẹ bá kọ́kọ́ ń ka ohun tó wà bó ṣe wà, ohun tó burú tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n á máa dúró dè, wọn ò ní gbọ́ ìkankan nínú ẹ̀. Ẹ má sì sọ pé "gbogbo nǹkan yòókù", ẹ dárúkọ ẹ̀. Bí mo ṣe sọ tèmi nìyí: "Owó oṣù yín, owó òru, iye ọjọ́ líìfù yín àti ọjọ́ tí ẹ wọ iṣẹ́ nínú ìwé wa, ìkankan ò yí padà nínú àtúntò yìí. Líìfù tí wọ́n ti fọwọ́ sí ṣì dúró. Ibi tí tíìmù kejì máa jókòó, a ò tíì pinnu, màá sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ẹnì kan wá dìde, ó ní ṣé iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ àwọn lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní nínú èyí tí a ń ṣe yìí, kò sẹ́ni tí iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ti ọdún tó ń bọ̀ mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì ní ṣèlérí ẹ̀. Inú wọn ò dùn sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ lẹ́yìn ẹ̀ pé mo tan òun jẹ.

Ẹ dákun, tí iṣẹ́ bá máa bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tàbí ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ wọn bá máa yí padà, ẹ má tẹ̀ lé ètò ọjọ́ kan tí mo sọ yìí. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin ní kí ẹ bá òṣìṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀ kí ìpinnu tó parí. Ẹ sọ pé ṣíìfù wà lára tiyín, nítorí náà ẹ ka ìwé àdéhùn wọn wò bóyá wọ́n kọ aago iṣẹ́ síbẹ̀, tí wọ́n bá kọ ọ́, ọ̀dọ̀ lọ́yà lẹ kọ́kọ́ máa lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mi ò bi ẹnikẹ́ni pé ṣé ó yé e, torí gbogbo èèyàn ló máa ní ó yé òun. Ohun tí mo bi wọ́n ni pé, "Tí ara ẹ ò bá yá lọ́la, ta lo máa pè? Ta ló ń buwọ́ lu líìfù ẹ?" Mo bi èèyàn 12, márùn-ún ṣì í. Inú tíìmù kan náà ni àwọn márààrún wà, súpáfáísọ̀ wọn ò tíì bá wọn jókòó torí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo lọ bá wọn jókòó fúnra mi, pẹ̀lú ìlà wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ yẹn sì pé, ọ̀rọ̀ ibi ìjókòó ò tíì yanjú, mo ṣì kọ ímeèlì sí wọn lọ́jọ́ náà pé kò tíì yanjú, mo dá ọjọ́ mí-ìn.

Líìsì owó oṣù yẹn ni kí ẹ lọ gbà lọ́la, kí ẹ sì kọ́kọ́ wá orúkọ àwọn tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Tí ẹ bá ti kọ ìlà díẹ̀, ẹ yọ orúkọ àti iye owó kúrò, ẹ fi hàn mí, màá bá yín wá ibi tí "bákan náà" ò ti rí bẹ́ẹ̀.