Èsì: Owó tó wọlé yàtọ̀ sí èrè

“Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá fi owó kún ọjà, tí owó tó ń wọlé wá dínkù, ṣé àdánù nìyẹn?”

Kò tíì dájú o, àbúrò. Ká ní ìyá oníbúrẹ́dì kan ní Lágéré ń ta 40 lóòjọ́ ní ₦1,000. Ó sọ ọ́ di ₦1,200, títà wá di 28. Iye owó búrẹ́dì lọ sókè ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, títà wálẹ̀ ní 30. Ẹlasítísítì, ìyẹn bí títà ṣe ń yí padà tó bí iye owó bá yí padà, jẹ́ 30 ÷ 20 = 1.5. Ó ju 1 lọ (àwọn oníbàárà kàn yà sí ìsọ̀ kejì ni), ni owó tó ń wọlé bá dínkù láti ₦40,000 sí ₦33,600.

Ṣùgbọ́n ₦800 ló ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èrè ₦8,000 àná ti di ₦11,200! Nínú ìdánwò, wò ó dáadáa bóyá èrè ni wọ́n bi ọ́.