Àmì ìròpọ̀ yẹn kì í ṣe òfin

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, wáyà tó gùn ní 20 cm ni wọ́n fún wa, kọ́rẹ́ńtì 5 A ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ibi tí a ti ń wá pápá òòfà rẹ̀ fi 10 cm kọjá ìparí wáyà, ó tún yà sí ẹ̀gbẹ́ ní 10 cm. Mo lo sin θ₁ + sin θ₂, mo rí 8.28 μT, àmọ́ 1.21 μT ni ìwé ìdáhùn kọ. Ṣé ìwé ló ṣì í?

Ìdáhùn: Ìwé ò ṣì í. Kó o tiẹ̀ tó ṣí ìwé ìdáhùn ló ti yẹ kí 8.28 μT kọ ọ́ lóminú. Tó o bá dúró sí ọ̀gangan àárín wáyà kan náà, ní 10 cm sí i, 7.07 μT péré lo máa rí. Báwo ni ibi tó ti kọjá orí wáyà ṣe máa lágbára ju àárín rẹ̀ lọ?

Ohun tó ń ṣi yín lọ́nà ni pé ẹ há fọ́múlà sórí tàmì-tàmì, ẹ ò bi ara yín léèrè ibi tí àmì náà ti wá. Inú òfin Biot àti Savart ni ká padà sí. Òfin náà ní kí a gé wáyà sí wẹ́wẹ́, kí a wo ohun tí ègé kọ̀ọ̀kan, dx, mú wá síbi tá a dúró sí:

dB = μ₀ I dx sin φ / (4π r²)

φ ni igun tó wà láàárín wáyà àti ìlà tó so ègé náà mọ́ ọ. Gígùn ìlà yẹn ni r. Wàyí o, fa ìlà kan láti ibi tó o wà lọ bá ojú ọ̀nà wáyà, kó dúró ní 90° sí i. Ibi tó ti kàn án là ń pè ní ẹsẹ̀. Gígùn ìlà náà ni d. Ẹsẹ̀ yìí lè bọ́ sórí wáyà, ó sì lè bọ́ síta rẹ̀. Láti ara ìlà d yìí ni kó o ti máa wọn θ. Tí x bá jẹ́ bí ègé ṣe jìnnà sí ẹsẹ̀, nígbà náà x = d tan θ, r = d / cos θ, sin φ sì di cos θ. Tó o bá fi wọ́n sínú òfin, gbogbo rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀:

dB = (μ₀ I / 4πd) cos θ dθ

B = (μ₀ I / 4πd) (sin θ₂ − sin θ₁)

Àmì ìyọkúrò ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá bọ́ sórí wáyà, ìparí kan wà lápá ọ̀tún rẹ̀, èkejì wà lápá òsì. Igun ti apá òsì wá ní àmì òdì, ìyọkúrò òdì sì di ìròpọ̀. Ibẹ̀ nìkan ni ìròpọ̀ yín ti wúlò. Níbi tìrẹ, ẹsẹ̀ ti bọ́ síta, ìparí méjèèjì sì wà lápá kan náà, ọ̀kan ní 10 cm, èkejì ní 30 cm. Òdì kankan ò sí.

Jẹ́ ká ṣe é. Ìparí tó sún mọ́ ọ: tan θ₁ = 10/10, sin θ₁ = 0.7071. Ìparí tó jìnnà: tan θ₂ = 30/10, sin θ₂ = 0.9487. Ohun tó wà níwájú àkámọ́ jẹ́ 10⁻⁷ × 5 / 0.1, ìyẹn 5 μT. Nítorí náà B = 5 × 0.2416 = 1.21 μT.

Má sì rò pé ìyọkúrò yìí túmọ̀ sí pé apá kan wáyà ń bá apá kejì jà. Rárá o. Gbogbo ègé wáyà, apá ibì kan náà ni wọ́n ń kọ pápá òòfà sí níbi tó o dúró sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé o kọ́kọ́ ṣírò wáyà 30 cm láti ẹsẹ̀ títí dé ìparí, 4.743 μT, o wá yọ 10 cm tí kò sí níbẹ̀ kúrò, 3.536 μT. Nígbà tó o rò wọ́n pọ̀, ńṣe lo gba owó iṣẹ́ fún wáyà tí ẹnikẹ́ni ò fún ọ.

Ibì kan wà tí fọ́múlà yìí ti máa dákú: tó o bá dúró gan-an sí ojú ọ̀nà wáyà, d di òdo, ẹ̀rọ ìṣírò á ní àṣìṣe wà. Padà sínú òfin. Níbẹ̀ sin φ jẹ́ òdo fún gbogbo ègé, B náà sì jẹ́ òdo.

Tí ìwé rẹ bá lo cos, ó ń wọn igun láti ara wáyà fúnra rẹ̀ ni. Má da oríṣi igun méjèèjì pọ̀ nínú ìṣírò kan.

Ìkìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ wọ̀n ọ́n: kọ́rẹ́ńtì tí kì í yí padà ò lè ṣàn nínú ègé wáyà tó dá dúró. Ó gbọ́dọ̀ gba ibòmíì padà, wáyà yòókù yẹn á sì fi tirẹ̀ kún un. Pápá òòfà ilẹ̀ ayé náà, tó wà láàárín nǹkan bí 25 sí 65 μT, á bo 1.21 rẹ mọ́lẹ̀. Gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sójú kan, yí kọ́rẹ́ńtì padà sí òdìkejì, kó o pín ìyàtọ̀ ìwọ̀n méjèèjì sí méjì. Ti ilẹ̀ ayé á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Má sì so wáyà lórí-dé-ìdí mọ́ bátìrì láìsí ohun tó ń dín kọ́rẹ́ńtì kù, torí wáyà lè gbóná débi tó máa jó ọ lọ́wọ́.