Gbèdéke kọjá, iṣẹ́ sì ti délé: àtúnrán lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń falẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Áàpù wa wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba àkọsílẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń falẹ̀. Sẹ́kọ́ńdì 5 ni mo fi ṣe gbèdéke. Bí ìdáhùn ò bá dé, áàpù á tún un rán lẹ́ẹ̀mẹta lójú ẹsẹ̀. Àkọsílẹ̀ kan náà ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà míì ẹ̀ẹ̀mẹta, síbẹ̀ fóònù á ní kò lọ. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì lọ tó padà dé, sáfà á dákú. Ṣé kí n kàn sọ gbèdéke náà di 60?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 60, ìlọ́po á dín kù, ṣùgbọ́n kò ní tán. Ẹni tó mú fóònù lọ́wọ́ á sì máa dúró fún odindi ìṣẹ́jú kan kó tó mọ̀ pé sáfà ò tiẹ̀ ṣeé dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ń lọ nínú sẹ́kọ́ńdì 5 yẹn. Ká ní àlọ-àbọ̀ kan láàárín fóònù àti sáfà ń gba mílísẹ́kọ́ńdì 800. Áàpù nílò àlọ-àbọ̀ kan kí DNS tó sọ àdírẹ́sì sáfà fún un, òmíràn kí TCP tó ṣí ìsopọ̀, méjì kí TLS 1.2 tó dáàbò bò ó (ẹyọ kan ni TLS 1.3 ń lò), kó tó wá kan iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ rán gan-an. Márùn-ún nìyẹn, sẹ́kọ́ńdì 4 sì ti lọ. Ó kù 1. Wàyí o, bí ẹyọ ìsọfúnni àkọ́kọ́ tí TCP rán bá sọnù lọ́nà, ìlànà RFC 6298 ti ọdún 2011 ní kó dúró fún sẹ́kọ́ńdì 1 kó tó tún un rán. Sẹ́kọ́ńdì 4.2 ni àkọsílẹ̀ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí fóònù nígbà náà, á dé ọ̀dọ̀ sáfà ní 4.6, ìdáhùn ò sì lè padà dé ṣáájú 5.0, kódà bí sáfà ò bá lo àkókò kankan láti kọ ọ́ sílẹ̀. Fóònù yín á já ìsopọ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìdáhùn ku díẹ̀ kó wọlé. Sáfà ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní tirẹ̀. Áàpù á wá bẹ̀rẹ̀ láti DNS tàbí TCP, á tún san gbogbo owó ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, sáfà á sì kọ èkejì.

Ohun tí gbèdéke tó kọjá ń sọ fún yín ò ju pé ẹ ò gbọ́ èsì lọ. Iṣẹ́ náà lè má tíì dé, ó lè ti dé kó sì ti parí, fóònù ò sì ní ọ̀nà kankan láti mọ èyí tó jẹ́. Nítorí náà, kí ó má kọ “kò lọ” sójú fóònù mọ́. “Ó ṣì ń lọ, ó ti wà nípamọ́ lórí fóònù” ni òótọ́.

Àtúnṣe tó ṣe kókó jù ni pé kí àtúnrán má lè ṣe ìpalára. Ní kété tí òṣìṣẹ́ bá tẹ bọ́tìnì, kí áàpù ṣẹ̀dá nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan (UUID ni ọ̀pọ̀ ń lò), kí ó tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ náà lórí fóònù kí ó tó rán ohunkóhun. Nọ́ńbà kan náà ni yóò máa bá gbogbo àtúnrán lọ nínú hẹ́dà `Idempotency-Key`, kódà bí fóònù bá kú tó sì tún tàn. Ní ìhà sáfà:

```sql
CREATE UNIQUE INDEX records_idempotency_key_idx ON records (idempotency_key);
```

Bí nọ́ńbà náà bá ti wà nínú dátábéèsì, kí sáfà dá èsì ti àkọ́kọ́ padà, kó má pè é ní àṣìṣe. Ibi tí mo ti máa ń rí i kí àwọn èèyàn ṣubú ni pé wọ́n ṣẹ̀dá nọ́ńbà náà nínú kóòdù tó ń tún nǹkan rán, tí àtúnrán kọ̀ọ̀kan fi ń gba nọ́ńbà tuntun. Bí ẹ bá rí àkọsílẹ̀ méjì tó bára mu látòkèdélẹ̀ àmọ́ tí nọ́ńbà wọn yàtọ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Lẹ́yìn ìyẹn la lè sọ̀rọ̀ gbèdéke, méjì ló sì yẹ kó jẹ́. Ti ìsopọ̀ lè jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 10: bí TCP bá pàdánù ẹyọ àkọ́kọ́, á tún un rán lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdì 1, lẹ́yìn 2 sí i, lẹ́yìn 4 sí i, ìyẹn ní 1, 3 àti 7, nítorí náà 10 fún ẹ̀ẹ̀kẹta láyè láti gbọ́ èsì. Èkejì, ẹ má fi ka gbogbo iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àkókò tí báìtì kankan ò rìn ni kẹ́ ẹ fi kà. Àwòrán 200 kílóbáìtì lórí ọ̀nà tó ń gbé kílóbíìtì 64 ní sẹ́kọ́ńdì kan á gba sẹ́kọ́ńdì 25 láìsí wàhálà kankan. Gbèdéke 20 lórí gbogbo iṣẹ́ ò ní jẹ́ kó parí láé, iye ìgbà yòówù kẹ́ ẹ tún un rán. Ṣùgbọ́n bí 20 bá jẹ́ fún ìdákẹ́jẹ́ nìkan, á kọjá wẹ́rẹ́.

Ní ti dídákú sáfà, àtúnrán ojú ẹsẹ̀ ló fà á. Gbogbo fóònù ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà bá lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn á sì ya bo sáfà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ìdúró máa di ìlọ́po méjì lẹ́yìn ìjákulẹ̀ kọ̀ọ̀kan ò tó, torí gbogbo wọn á kàn jọ dúró ni, wọ́n á tún jọ padà wá. Ẹ jẹ́ kí fóònù kọ̀ọ̀kan mú nọ́ńbà bó bá ṣe bọ́ sí i, láti òdo dé òkè ààlà:

```python
wait = random.uniform(0, min(60, 2 * 2**n))
```

`n` ni iye àtúnrán tó ti kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ láti 0. Ìdúró àkọ́kọ́ á bọ́ sáàárín 0 sí 2, tó tẹ̀ lé e 0 sí 4, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan 60. Lẹ́yìn bíi márùn-ún, kí áàpù fi àkọsílẹ̀ náà sórí ìlà àwọn tó ń dúró láti lọ, kí ètò abẹ́lẹ̀ fóònù máa bá a lọ. Lórí Android, WorkManager ń ṣe é fúnra rẹ̀, láti sẹ́kọ́ńdì 30 lọ sókè.

Kì í ṣe gbogbo èsì ló yẹ fún àtúnrán. Kóòdù èsì 400 àti 422 túmọ̀ sí pé àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ lábùkù, ẹ fi han òṣìṣẹ́ kó tún un ṣe. 429 àti 503 máa ń bá hẹ́dà `Retry-After` wá nígbà míì, èyí tó ń sọ bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ dúró pẹ́ tó. Bó bá wà, òun ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé dípò ìṣirò tiyín. Kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá láíbìrì tí ẹ ń lò náà ń tún nǹkan rán lábẹ́lẹ̀. Bí ó bá ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìgbìyànjú mẹ́rin tiyín, ìyẹn àkọ́kọ́ àti àtúnrán mẹ́ta, méjìlá ló ń kan sáfà.

Láti dán an wò, ẹ fi `sleep` sẹ́kọ́ńdì 40 sínú kóòdù sáfà, lẹ́yìn tó bá ti kọ àkọsílẹ̀ sílẹ̀ tán ṣùgbọ́n kó tó dáhùn. Kí sáfà ṣe èyí fún ìgbìyànjú àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ rán àkọsílẹ̀ kan, ẹ pa áàpù láàárín kan, ẹ tún un ṣí. Bí ìlà tó wà nínú dátábéèsì bá ju ẹyọ kan lọ, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yẹn ò tíì dúró síbi tó yẹ.