Omi ìwọ̀nba àti oúnjẹ kíákíá fún ẹni tí páńkíríà rẹ̀ wú lójijì

Ìbéèrè: Dókítà, òkun o. Àná ni a gbé ìyá wa lọ sí ọsibítù ní Kàbbà. Ẹni ọdún 62 ni wọ́n, wọ́n sì wọn kílò 60. Òkè ikùn ló ń ro wọ́n, ìrora náà wọ ẹ̀yìn lọ, wọ́n sì ń bì. Àwọn dókítà ní páńkíríà wọn ló wú, pé òkúta inú àpò òróòro ló fà á. Àbúrò bàbá wa ń bínú pé omi tí wọ́n ń fà sí màmá lára kéré jù, àti pé kí ló dé tí wọ́n ní kí wọ́n jẹun lónìí, nígbà tó jẹ́ pé aládùúgbò wa tó ní irú àìsàn yìí nígbà kan kò fi nǹkan kan sẹ́nu fún ọjọ́ púpọ̀. Ta ló tọ̀nà? Mo fi fótò ìwé àyẹ̀wò wọn ránṣẹ́.

Ìdáhùn: Òkun o. Ẹ bá mi kí màmá kú ìnira. Àwọn dókítà wọn ló tọ̀nà, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀, kí ẹ lè ṣàlàyé fún bàbá.

Ẹ̀yìn àpòlúkù ni páńkíríà wà. Òun ló ń ṣe omi tó ń da ẹran àti ọ̀rá inú oúnjẹ. Ojú kan náà ni omi yìí àti òróòro ń gbà wọ inú ìfun. Bí òkúta kékeré bá yọ́ kúrò nínú àpò òróòro tó sì há síbẹ̀, omi náà á padà sẹ́yìn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara páńkíríà fúnra rẹ̀. Ọtí ni nǹkan kejì tó sábà máa ń fà á. Ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ náà lè fà á. Ti màmá hàn kedere, torí pé sikáànù rí òkúta.

Mo rí i pé lípéésì wọn, ìyẹn èròjà inú omi páńkíríà tí a ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, ga gan-an, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ó ń sọ pé páńkíríà wú ni, kò sọ bó ṣe le tó. Ohun tó ń sọ bó ṣe le tó ni máàkì tí à ń pè ní Bísápù, tí a ń ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Nǹkan márùn-ún ló ń wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní máàkì kan. Màmá ti ju ọgọ́ta ọdún lọ, ìyẹn jẹ́ ọ̀kan. Ọkàn wọn ń lù ní ìgbà 104 ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì ń mí ní ìgbà 24. Ọkàn tó ju 90 àti èémí tó ju 20 jẹ́ àmì pé ara ti ń gbóná láti inú, ìyẹn náà jẹ́ ọ̀kan. Yúríà, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń fọ̀ jáde, jẹ́ 7 lára wọn, kò tíì dé nǹkan bíi 9 tó ń gba máàkì. Orí wọn pé, fótò àyà kò sì fi omi hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Méjì ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́ta sókè ni ẹ̀rù máa ń bà wá. Ṣùgbọ́n máàkì ọjọ́ kan kò parí ọ̀rọ̀: bí kíndìnrín, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọkàn bá dáṣẹ́ sílẹ̀ ju wákàtí 48 lọ, ìgbà yẹn ni a ń pè é ní èyí tó le gan-an.

Ní ti omi, ìrònú bàbá kò ṣàjèjì, torí pé àwa dókítà pàápàá ti rò bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Páńkíríà tó wú máa ń jẹ́ kí omi jò kúrò nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì dín kù lọ́dọ̀ kíndìnrín. Nítorí náà, a máa ń rọ́ omi púpọ̀ wọ aláìsàn nígbà náà. Ṣùgbọ́n ihò tí èyí tó wà nílẹ̀ gbà jò náà ni èyí tí a ń rọ́ wọlé yóò gbà jò, ẹ̀dọ̀fóró ló sì sábà máa ń lọ. Ní 2022, ìwádìí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ WATERFALL fi omi púpọ̀ wé omi ìwọ̀nba lára àwọn aláìsàn 249. Omi pọ̀ jù lára bí 20 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba omi púpọ̀, àti lára bí 6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìwọ̀nba. Omi púpọ̀ náà kò sì jẹ́ kí àìsàn wọn fúyẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ìwọ̀nba yẹn ni wọ́n ń fún màmá. Nítorí pé èébì ti gbẹ omi ara wọn, wọ́n kọ́kọ́ gba mílílítà 10 fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí méjì, ìyẹn 600. Lẹ́yìn náà ni mílílítà 90 ní wákàtí kan, omi Ríńgà, ìyẹn irú omi oníyọ̀ kan tí a ń fà sí iṣan. Èyí kò kéré: ó ju lítà méjì lọ lójúmọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún wọn yẹ̀ wò ní gbogbo wákàtí mélòó kan. Ẹ bá wọn ṣọ́ ìtọ̀: ó kéré tán, kó tó mílílítà 30 ní wákàtí kan. Bí kò bá tó, tàbí bí yúríà bá ń gòkè, wọ́n á fi omi kún un. Bí èémí wọn bá ń yára sí i, tí wọn kò lè sùn gbọọrọ, tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń wú, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, torí pé omi ti ń pọ̀ jù nìyẹn.

Ní ti oúnjẹ, wọ́n ti máa ń sọ pé kí páńkíríà sinmi. Ìfun tí kò rí oúnjẹ ni ewu wà fún. Awọ inú rẹ̀ á rọ, kòkòrò inú rẹ̀ á sì rí ọ̀nà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bí èébì bá ti dáwọ́ dúró, tí ebi sì ń pa màmá, kí wọ́n jẹun láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Kò dìgbà tí ìrora bá tán pátápátá, kò sì dìgbà tí lípéésì bá wálẹ̀. Kò pọn dandan kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi nìkan. Iṣu sísè, ìrẹsì rírọ̀, ẹ̀kọ àti ẹja tí a kò dín dára, díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi epo àti ẹran ọlọ́ràá sílẹ̀. Bí ìrora bá tún le tàbí tí wọ́n bì, kí wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n tún gbìyànjú. Bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún bá kọjá láìlè jẹun, rọ́bà tín-ínrín gba imú lọ sí inú ló kàn, kì í ṣe oúnjẹ inú iṣan, àyàfi bí ìfun bá kọ̀ ọ́.

Ẹ má sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ apakòkòrò kún un nítorí ìrora lásán. Àfi bí kòkòrò bá ti wọlé ní tòótọ́.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè kí wọ́n tó dá màmá sílẹ̀ ni ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tí wọn yóò fi yọ àpò òróòro náà. Bí àìsàn yìí bá fúyẹ́ bí mo ṣe rò, ó dára jù kó jẹ́ nínú ìgbà yìí kan náà, kí wọ́n tó lọ sílé, torí pé òkúta tó kù lè tún há. Bí kò bá ṣeé ṣe níbẹ̀, kí wọ́n fún yín ní ìwé tí ẹ ó gbé lọ sí ibi tí wọ́n ti lè ṣe é, pẹ̀lú ọjọ́ tí a kọ sórí rẹ̀.