Kí ló dé tí gbèsè báńkì kì í tètè dín?

Ìbéèrè: Mo yá mílíọ̀nù kan náírà ní báńkì kan ní Dùgbẹ̀, ọdún márùn-ún ni mo fẹ́ fi san án. Mo ti san ọdún kan, síbẹ̀ gbèsè ò fẹ́ẹ̀ dín. Ṣé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ ni?

Ìdáhùn: Rárá, bó bá jẹ́ pé orí gbèsè tó kù ni wọ́n ti ń ṣírò èlé yín lóṣooṣù. Níbẹ̀rẹ̀ ni gbèsè pọ̀ jù, ìgbà náà ni èlé náà ń pọ̀ jù.

Ká ní èlé jẹ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, ₦28,768 lẹ ó máa san lóṣooṣù. Lóṣù kìíní, èlé á gba ₦20,000 níbẹ̀. ₦8,768 péré ló máa kan ojú owó. Lóṣù kejì, gbèsè ti di ₦991,232, èlé á wá sọ̀ kalẹ̀ sí ₦19,825. Ó di oṣù 26 kí ìpín ojú owó tó ju ti èlé lọ. Ní ìparí ọdún kìíní, ẹ ti san nǹkan bí ₦345,000, ṣùgbọ́n nǹkan bí ₦117,600 ló kúrò nínú gbèsè.

Àwọn kan máa ń ṣírò èlé lórí gbogbo owó tí ẹ yá látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ wo ìwé ètò ìsanwó yín: bí iye èlé ò bá yí padà lóṣooṣù, irú èyí ni tiyín.