Ẹ wo inú lẹ́tà owó-orí, ẹ má wo àkọlé rẹ̀

*Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, lẹ́tà mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ owó-orí ti kọ sí mi láàárín oṣù díẹ̀. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ìránnilétí lásán, èyí tí àwọn ọ́dítọ̀ fi ń béèrè ọ̀rọ̀, àti èyí tó jẹ́ ìkìlọ̀ ìkẹyìn kí n sanwó. Èwo ni kí n kọ́kọ́ dáhùn?*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má fi àkọlé tí wọ́n tẹ̀ sókè ìwé ṣe ìpinnu, nítorí pé àwọn tó ń kọ ìwé wọ̀nyí kì í bìkítà bóyá àkọlé bá inú ìwé mu. Ohun méjì ni kí ẹ wá nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: kí ni wọ́n ní kí ẹ ṣe, àti ibo ni iye owó tó wà nínú rẹ̀ ti wá.

Ìránnilétí kì í mú ọ̀rọ̀ tuntun wá. Iye owó tí ẹ fúnra yín ti kọ sínú fọ́ọ̀mù owó-orí yín ni yóò wà níbẹ̀, tàbí kí ó má tilẹ̀ sí iye owó kankan, kí wọ́n kàn sọ pé àwọn kò tíì rí fọ́ọ̀mù ti ọdún kan. Ẹ̀rọ ló sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí náà ẹ kì í sábà rí orúkọ ọ́fíìsà kan pàtó lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti san, ẹ fi ẹ̀dà risíìtì ránṣẹ́. Bí ẹ kò bá tíì san, ẹ san án. Kí ẹ ṣáà wò ó dáadáa bóyá ọdún mìíràn ni wọ́n kọ owó yín sí.

Lẹ́tà àwọn ọ́dítọ̀ ló mú mi jókòó kọ ìdáhùn yìí. Àmì rẹ̀ ni pé ó máa ń sọ ọdún tí wọ́n ń yẹ̀ wò, ó máa ń ní orúkọ ọ́fíìsà àti nọ́ńbà fáìlì, ó sì máa ń béèrè àlàyé tàbí ìwé ẹ̀rí. Bí iye owó bá wà nínú rẹ̀, wọn yóò pè é ní ìyàtọ̀ tàbí àbá, kì í ṣe gbèsè, nítorí pé wọn kò tíì bu owó kankan lé yín nígbà náà. Èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ mi ní àkọlé ìránnilétí gàdàgbà lójú ìwé àkọ́kọ́. Akáǹtáǹtì tí mo ń sanwó fún ka ojú ìwé kan yẹn, ó ní a ti san gbogbo ohun tí a jẹ, kí n fi ọkàn balẹ̀. Ojú ìwé kejì ni wọ́n ya àtẹ kékeré kan sí: ní ọwọ́ kan, owó ọjà tí mo kéde, 3,900,000, ní ọwọ́ kejì, owó tó wọ àkáǹtì mi ní báńkì, 4,800,000, lábẹ́ àwọn méjèèjì, ìyàtọ̀, 900,000. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbólóhùn kan ṣoṣo, tí wọ́n tẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní, pé kí n ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà láàárín ọjọ́ 14.

Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, wọ́n ka gbogbo 900,000 náà sí èrè, wọ́n sì bu owó-orí lé e, pẹ̀lú ìtanràn. Ibi tí ìdákẹ́jẹ́ máa ń gbé ènìyàn dé nìyẹn: wọn kì í dúró de ìwé yín títí ayé, wọn yóò fojú díwọ̀n, ìdíwọ̀n wọn kì í sì í ṣojúure sí ẹni tí kò fèsì. Ọ́fíìsà tí mo lọ bá sọ fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín pé ìwé àkọ́kọ́ ti ṣe kedere. Ó ṣe kedere lóòótọ́ fún ẹni tó kọ ọ́.

Ìdáhùn tí ó yẹ kí ó ti lọ lọ́jọ́ kìíní kò tilẹ̀ le. Owó yíyá láti báńkì ni 500,000 nínú rẹ̀, ìwé àdéhùn owó náà àti ọjọ́ tí ó wọ àkáǹtì wà lọ́wọ́. Láti inú àkáǹtì ìfowópamọ́ tèmi ni mo ti gbé 250,000 wá, sitétímẹ́ǹtì àkáǹtì méjèèjì sì fi í hàn, pé ó jáde níbìkan, ó sì wọlé níbòmíràn. Àsansílẹ̀ oníbàárà kan tí ọjà rẹ̀ kò wáyé mọ́ ni 120,000, mo sì ti dá a padà fún un. Ó ku 30,000 tí kò sí ìwé tó lè gbè é. Irú èyí ni kí ẹ gbà, kí ẹ san owó-orí rẹ̀, nítorí pé ọ́dítọ̀ tó rí i pé ẹ gba ibi tí ẹ kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ yóò túbọ̀ gba ìyókù gbọ́. Ẹ tò ó bẹ́ẹ̀, ìlà kan fún owó kan, ìwé ẹ̀rí kan fún ìlà kan. Ẹ má kàn ju àpò risíìtì sí wọn. Ẹ má sì sáré san ìyàtọ̀ náà kí ọ̀rọ̀ lè tán, nítorí pé wọ́n lè ka irú owó bẹ́ẹ̀ sí pé ẹ ti gbà pé ẹ fi èrè pamọ́.

Láàárín lẹ́tà yìí àti ìkìlọ̀ ìkẹyìn ni ìwé kan wà tí ẹ kò dárúkọ rẹ̀: ìwé tí wọ́n fi bu owó lé yín. Òun ló ń sọ iye ọjọ́ tí ẹ ní láti kọ ìwé àtakò, bí ọjọ́ yẹn bá sì kọjá láìsí àtakò, ohun tó jẹ́ ìdíwọ̀n ti di gbèsè. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọjọ́ tí wọ́n kọ sára lẹ́tà ni wọ́n ti ń ka ọjọ́, tàbí ọjọ́ tí ó dé ọwọ́ yín. Ẹ tọ́jú àpòòwé pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ owó-orí mọ bí a ti ń kọ ọjọ́ sára ìwé tí yóò sùn sórí tábìlì wọn kí ó tó jáde.

Ìkìlọ̀ ìkẹyìn máa ń tọ́ka sẹ́yìn. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ fọ́ọ̀mù tí ẹ fúnra yín kọ, tàbí nọ́ńbà àti ọjọ́ ìwé tí wọ́n fi bu owó lé yín. Yóò ya owó-orí, ìtanràn àti èlé sọ́tọ̀, yóò dá ọjọ́ kan, yóò sì sọ ohun tí wọ́n máa ṣe: pé wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù yín, wọ́n á pàṣẹ fún báńkì kí ó yọ owó náà nínú àkáǹtì yín, tàbí wọ́n á gbé yín lọ sí kóòtù. Kò ní béèrè àlàyé kankan. Bí kò bá tọ́ka sí ohunkóhun sẹ́yìn, tí ó sì ní kí ẹ sanwó sínú àkáǹtì ẹnìkan, ẹ fura sí i. Nọ́ńbà tẹlifóònù tí ẹ fúnra yín wá rí ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tó wà lára lẹ́tà náà.

Bí ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́ta yín bá jẹ́ ojúlówó ìkìlọ̀ ìkẹyìn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn, kódà kí ó jẹ́ pé ti ọ́dítọ̀ ló ṣáájú dé; ti ọ́dítọ̀ ni kí ó tẹ̀ lé e. Bí ẹ kò bá rí ìwé tó tọ́ka sí gbà rí, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀ àti ọ̀nà tí wọ́n gbà fi í ránṣẹ́, kí ẹ sì bẹ̀bẹ̀ fún àyè láti kọ àtakò tó pẹ́. Ẹ san apá tí ẹ kò bá wọn jiyàn lé lórí, ẹ béèrè àdéhùn sísan díẹ̀díẹ̀ fún ìyókù, kí ẹ sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀ pé wọn kò ní gbẹ́sẹ̀ lé nǹkan kan ní àkókò náà. Ẹ̀ka tó ń gba gbèsè sábà máa ń yàtọ̀ sí ẹ̀ka àwọn ọ́dítọ̀, ìwé tí ẹ fún ọ̀kan sì lè má dé ọ̀dọ̀ èkejì láéláé. Nítorí náà, ẹ kọ ẹ̀dà sí ẹ̀ka méjèèjì, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sára èyí tó máa kù lọ́wọ́ yín.