"Agbára" inú fọ́tò yẹn, èwo ni?

"Ọmọ àbúrò mi ya ìbéèrè físíìsì kan ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú Igbó. Yorùbá ni ìbéèrè, Gẹ̀ẹ́sì ni ìdáhùn A sí D. 'Agbára' ni wọ́n ní ká ṣírò. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ni kí n fi túmọ̀ rẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì túmọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà tó wà lẹ́yìn iye kọ̀ọ̀kan nínú A sí D ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí ní Sábó, Ṣágámù, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì. Ìbéèrè ọjọ́ náà ní ọkùnrin kan fi okùn fa àpò sìmẹ́ǹtì tó wúwo tó 50 kg gòkè ní mítà 3, ìṣẹ́jú-àáyá 10 ló gbà á, kí a fi g sí 10 m/s². "Kí ni agbára tó lò?" Ìdáhùn tí wọ́n tò nìyí:

```
A. 500 N
B. 1500 J
C. 150 W
D. 1500 W
```

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. 50 × 10 jẹ́ 500 N, fọ́ọ̀sì nìyẹn. 500 × 3 jẹ́ 1500 J, énájì nìyẹn. 1500 ÷ 10 jẹ́ 150 W, páwà nìyẹn, torí wáàtì kan ni júùlù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ń pè ní agbára nílé! Énájì ló sọ sí mi lọ́kàn, mo ní kí ọmọ náà mú B. Nígbà tí a rí ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti tú ìbéèrè náà, páwà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 wà níwájú mi, mi ò lò ó. Ó dùn mí gan-an, torí ọmọ náà gbà mí gbọ́.

Bí J nìkan bá wà lẹ́yìn gbogbo iye tiyín, énájì ni, ó parí. Bó bá dàpọ̀ bíi tèmi, ẹ wò ó bóyá wọ́n mẹ́nu ba àkókò. Páwà ló sábà máa ń jẹ́. Àmọ́ àwọn olùkọ́ mìíràn máa ń fi àkókò tí a ò nílò kún un, nítorí náà ẹ ní kí ọmọ náà béèrè ìwé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀. Bí fọ́tò bá gé lẹ́tà ẹ̀yìn iye kúrò, èmi kì í dáhùn rárá, mo máa ń ní kí wọ́n tún un yà, kí gbogbo ojú ewé hàn.

Ẹ fa fọ́tò náà tóbi kí ẹ rí àmì ohùn. "Ipá" ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pe fọ́ọ̀sì, "ipa" sì jẹ́ ohun tí nǹkan kan ṣe sí òmíràn. Bí fọ́tò bá ṣú, àmì yẹn ló máa ń kọ́kọ́ pòórá.

Tí ẹ bá ń kọ èsì padà, ẹ fi A sí D sílẹ̀ bó ṣe wà. Inú ìbéèrè ni kí ẹ ti ṣàlàyé: "agbára, ìyẹn páwà, W." Mo ti tú ìdáhùn sí Yorùbá rí, "agbára" ló di mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọmọ náà ò sì mọ èyí tí yóò mú.